Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí a ṣe ń to àròkọ ìdánwò ètò ọrọ̀-ajé láàrin ìṣẹ́jú 45

Àwọn ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ètò ọrọ̀-ajé ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó máa ń béèrè léraléra bí ìdánwò bá ti sún mọ́lé ni a kó jọ síbí. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni a lò láti òkè délẹ̀, ìyẹn ìbéèrè tó sọ pé: "Jíròrò bóyá gbèdéke owó tí ìjọba bá fi lé kòkó yóò ṣe àwọn àgbẹ̀ kòkó lóore." Gbèdéke owó níbí ni iye tó kéré jù tí òfin gbà kí a fi ra kòkó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìbéèrè yóò fi bá yín nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń to ìdáhùn kò yàtọ̀. Iye owó àti iye tọ́ọ̀nù tó wà nínú ìṣirò ìsàlẹ̀ yìí jẹ́ èyí tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lásán, wọn kì í ṣe owó ọjà.

Irú ìbéèrè wo ló ń fẹ́ oríkì, tíọ́rì, ìgbéléwọ̀n àti ìgúnlẹ̀?

Ìbéèrè tó bá ní kí ẹ jíròrò tàbí kí ẹ ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀rọ̀ kan ni. Nǹkan mẹ́rin ló ń béèrè lọ́wọ́ yín bí kò tilẹ̀ dárúkọ wọn: kí ẹ fún ọ̀rọ̀ tó gbé ìbéèrè náà dání ní oríkì, kí ẹ fi tíọ́rì hàn bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ẹ gbé ohun tí tíọ́rì sọ lé ìwọ̀n, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ fàbọ̀ sí. Èyí tó bá ní kí ẹ ṣàlàyé nìkan kò fẹ́ ìgbéléwọ̀n, ẹni tó bá sì lọ ń ṣe é níbẹ̀ ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò ni.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fojú fò ni "bóyá". Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń sọ fún yín pé ẹni tó gbé ìbéèrè kalẹ̀ mọ̀ pé gbèdéke owó lè ṣe àgbẹ̀ lóore, ó sì lè pa á lára, ohun tó sì fẹ́ gbọ́ ni ìgbà tí ọ̀kan yóò ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tí èkejì yóò ṣẹlẹ̀.

Báwo ni kí n ṣe pín ìṣẹ́jú 45?

Bí ìdánwò bá jẹ́ wákàtí 3 fún ìbéèrè 4, ìṣẹ́jú 45 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ẹ lo ìṣẹ́jú 5 láti ronú kí ẹ sì la ètò sílẹ̀, 5 fún oríkì, 14 fún tíọ́rì àti àwòrán rẹ̀, 16 fún ìgbéléwọ̀n, kí ẹ wá fi 5 tó kù kọ ìgúnlẹ̀. Kò pọn dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ìgbéléwọ̀n kò gbọdọ̀ gba àkókò tó kéré sí ti tíọ́rì.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á pẹ́ lórí tíọ́rì nítorí pé òun ló kà jù, òun ló sì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ jù. Ọ̀nà tí ẹ fi lè mọ̀ pé ó ti ń ṣẹlẹ̀ sí yín ni pé kí ẹ kọ àkókò tó yẹ kí tíọ́rì parí sí ẹ̀gbẹ́ ìwé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 9:00, ẹ kọ 9:24 síbẹ̀. Bí aago bá lu 9:24, ẹ parí gbólóhùn tí ẹ wà lórí rẹ̀, kí ẹ bọ́ sí ìgbéléwọ̀n, bí ó tilẹ̀ kù díẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi kún un.

Kí ni kí n kọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́?

Ẹ kọ ìgúnlẹ̀ yín ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Ó lè dàbí pé ó yá jù, àmọ́ ẹni tí kò bá tíì mọ ibi tó ń lọ yóò ta káàkiri. Fún àpẹẹrẹ wa, ó tó kí ẹ kọ ọ́ báyìí: "Yóò ṣe wọ́n lóore bí ìjọba bá ra àṣẹ́kù kòkó tí kò rí ẹni rà á, bí kò bá rà á, ó lè dín owó wọn kù."

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun méjì tàbí mẹ́ta tí tíọ́rì náà gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Tíọ́rì gbèdéke owó gbà pé àwọn olùrà kò ní ibòmíràn tí wọn yóò ti ra kòkó, pé ìjọba lè mú kí gbogbo ènìyàn pa òfin mọ́, àti pé iye tí ìjọba fi lélẹ̀ ga ju iye tí ọjà fúnra rẹ̀ yóò mú wá lọ. Àwọn ohun wọ̀nyí gan-an ni ìgbéléwọ̀n yín yóò padà wá yẹ̀ wò. Mo gbà pé ìlà mẹ́ta yìí ṣe pàtàkì ju ohunkóhun mìíràn tí ẹ lè kọ sí inú ètò yín.

Báwo ni oríkì ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó?

Gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó. Ẹ sọ ohun tí gbèdéke owó jẹ́: iye tí òfin sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ra ọjà kan ní iye tó kéré sí i. Ẹ fi kún un pé ó di dandan kí ó wà lókè owó tí ọjà ti bára mu kí ó tó lè yí ohunkóhun padà. Gbólóhùn kejì yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló mú kí oríkì náà wúlò fún ìyókù àròkọ.

Ẹ tún ní láti sọ ohun tí "lóore" túmọ̀ sí nínú ìdáhùn yín. Ṣé owó tí àgbẹ̀ ń gbà lórí kílò kan ni, àbí gbogbo owó tó wọlé fún àwọn àgbẹ̀ lódún, àbí kí owó náà má ṣe máa lọ sókè sódò? Ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ìdáhùn wọn sì lè ta ko ara wọn. Ẹ yan èyí tí ẹ ó lò, kí ẹ sọ ọ́ síta. Nínú àpẹẹrẹ yìí, gbogbo owó tó wọlé fún àwọn àgbẹ̀ ni a yàn.

Ìtàn bí kòkó ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe oríkì. Ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀.

Ṣé dandan ni kí n ya àwòrán?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí tíọ́rì bá ní àwòrán. Ẹ ya ìlà olùrà tó ń wálẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, kí ẹ ya ìlà olùtà tó ń gòkè, kí ẹ sàmì sí ojúkò tí àwọn méjèèjì ti pàdé, kí ẹ wá fa ìlà gbọọrọ kan kọjá lókè ojúkò yẹn fún gbèdéke owó. Àlàfo tó wà láàrin ìlà olùrà àti ìlà olùtà lórí ìlà gbọọrọ náà ni àṣẹ́kù, ìyẹn kòkó tó wà nílẹ̀ tí kò rí ẹni rà á.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a fa ìlà gbèdéke sí abẹ́ ojúkò ìpàdé nítorí pé orúkọ rẹ̀ ń sọ nípa owó tó kéré jù. Bí ẹ bá fà á síbẹ̀, kò ní ipa kankan lórí ọjà, nítorí pé owó ọjà ti ga jù ú lọ tẹ́lẹ̀. Àṣìṣe kejì ni àwòrán tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà nínú àlàyé. Àwòrán tí ẹ kò bá tọ́ka sí nínú gbólóhùn yín kò lè mú máàkì púpọ̀ wá fún yín, bó ti wù kí ó gún tó.

Báwo ni mo ṣe lè lo tíọ́rì dípò kí n kàn da ohun tí mo há sórí sílẹ̀?

Ẹ fi iye owó sínú rẹ̀. Ká ní owó kòkó jẹ́ 5,000 náírà lórí kílò, tí àwọn olùrà sì ń ra 100 tọ́ọ̀nù. 500 mílíọ̀nù náírà ló ń wọlé fún àwọn àgbẹ̀. Ìjọba wá sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rà á ní iye tó kéré sí 6,000 náírà. Owó náà ti fi ìdá 20 nínú 100 lé sí i. Àwọn àgbẹ̀ lè kó tọ́ọ̀nù 105 wá, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀ lọ́dún yìí, nítorí pé igi kòkó tí a bá gbìn lónìí gbọ́dọ̀ lo bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Ohun tí wọ́n lè ṣe ní báyìí ni kí wọ́n tọ́jú oko dáadáa sí i, kí wọ́n sì ká àwọn èso tí wọn ì bá ti fi sílẹ̀.

Bí àwọn olùrà bá din ohun tí wọ́n ń rà kù sí tọ́ọ̀nù 90, àṣẹ́kù yóò jẹ́ tọ́ọ̀nù 15, owó tó wọlé fún àgbẹ̀ yóò sì jẹ́ 540 mílíọ̀nù. Ó ti lé ní ti tẹ́lẹ̀. Níbi tí tíọ́rì parí sí nìyí: owó kílò ga, ọjà tí a rà dín kù, àṣẹ́kù wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ jèrè. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ kò tíì sọ pé ó dára tàbí kò dára. Ẹ kàn fi hàn bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni.

Mo kọ àǹfààní mẹ́ta àti àléébù mẹ́ta, síbẹ̀ máàkì ìgbéléwọ̀n mi kéré. Kí ló fà á?

Nítorí pé àǹfààní àti àléébù tí a tò jọ kò tíì di ìgbéléwọ̀n. Ẹni tó kọ ọ́ ti sọ ohun mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò sọ èyí tó wúwo jù nínú wọn, kò sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ wo gbólóhùn yìí, irú rẹ̀ pọ̀ nínú ìwé ìdánwò:

> "Àléébù gbèdéke owó ni pé ó ń fa àṣẹ́kù. Àléébù mìíràn ni pé ó ń ná ìjọba lówó."

Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Àmọ́ tíọ́rì ti sọ pé àṣẹ́kù yóò wà, nítorí náà a kò gbé ohunkóhun lé ìwọ̀n. Ẹ wá wo èyí:

> "Àṣẹ́kù tọ́ọ̀nù 15 yóò ná ìjọba ní 90 mílíọ̀nù náírà bí ó bá rà á ní 6,000 náírà. Ṣùgbọ́n bí àwọn olùrà bá rí ibòmíràn rà, àṣẹ́kù lè pọ̀ ju ìlọ́po méjì èyí lọ, nítorí náà ohun tó ń pinnu bóyá ìjọba lè gbé ẹrù náà ni bí ó ṣe rọrùn tó fún olùrà láti yà sí ibòmíràn."

Gbólóhùn kejì mú ohun kan tí tíọ́rì gbà láìjanpata, ó yí i padà, ó sì sọ ohun tí ìyípadà náà yóò ṣe sí ìdáhùn. Iṣẹ́ mẹ́ta yìí ni ẹni tó ń máàkì ń wá.

Ẹ ṣe ìgbéléwọ̀n kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí n rí i.

Ẹ jẹ́ ká mú ohun àkọ́kọ́ nínú ètò wa: tíọ́rì gbà pé olùrà kò ní ibòmíràn. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níhìn-ín ní tòótọ́? Èyí tó pọ̀ jù nínú kòkó tí wọ́n ń sá ní Ìdànrè tàbí Ilé-Olújì, òkè òkun ni ó ń lọ. Ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ yóò tà á fún ẹni tó ń kó o lọ sókè òkun, iye tí ọjà àgbáyé bá sì mú wá ni ẹni yẹn yóò gbà. Gánà àti Kodifúà nìkan ń pèsè nǹkan bí ìdajì kòkó àgbáyé. Bí òfin Nàìjíríà bá mú kòkó wa wọ́n ju tiwọn lọ, ọ̀dọ̀ wọn ni olùrà yóò lọ.

Ẹ wá padà sí ìṣirò. Ká ní olùrà din ohun tí wọ́n ń rà kù láti 100 sí tọ́ọ̀nù 70 dípò 90. Ní 6,000 náírà lórí kílò, 420 mílíọ̀nù ni yóò wọlé fún àgbẹ̀. Ó ti kéré sí 500 mílíọ̀nù tí wọ́n ń rí kí ìjọba tó dá sí i. Ìdá 20 ni owó fi lọ sókè, ìdá 30 ni ọjà tí a rà fi wálẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo owó fi dín kù. Àṣẹ́kù ti di tọ́ọ̀nù 35, 210 mílíọ̀nù ni ìjọba yóò sì san bí ó bá fẹ́ rà á tán.

Ìdájọ́ tó tẹ̀lé e ni èyí: fún ọjà tí orílẹ̀-èdè kan ń tà sí ọjà àgbáyé tí kò lágbára lé lórí, gbèdéke owó láìsí pé ìjọba ra àṣẹ́kù lè pa àgbẹ̀ lára. Ẹ fi ìlà kan parí rẹ̀, kí ẹ sọ ìgbà tí ìdájọ́ náà kò ní rí bẹ́ẹ̀: bí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta kòkó bá fohùn ṣọ̀kan. Gánà àti Kodifúà gbìyànjú irú rẹ̀ nígbà tí wọ́n fi 400 dọ́là lé tọ́ọ̀nù kòkó kọ̀ọ̀kan láti sáà 2020/21, wọ́n sì lè dán an wò nítorí pé ìpín tó pọ̀ jù wà lọ́wọ́ wọn. Nàìjíríà nìkan kò ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Kókó mélòó ni ìgbéléwọ̀n gbọ́dọ̀ ní?

Méjì tí a tú palẹ̀ dáadáa sàn ju márùn-ún tí a fẹnu bà lọ. Ìṣẹ́jú 16 kò gba ju méjì lọ bí ẹ bá ń ṣe é bí a ti ṣe é lókè yẹn. Bí àkókò bá ṣẹ́kù, ẹ fi ẹ̀kẹta kún un ní gbólóhùn méjì péré.

Kókó kejì tó dára fún ìbéèrè yìí ni èyí tó kẹ́yìn nínú ètò wa, pé gbèdéke ga ju owó ọjà lọ. Ní ọdún 2024, owó kòkó lọ́jà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan. Gbèdéke èyíkéyìí tí a bá ti fi lélẹ̀ ṣáájú ìgbà náà kò ní ipa kankan mọ́ ní irú ọdún bẹ́ẹ̀. Ohun tí èyí fi hàn ni pé gbèdéke dà bí agbòòrùn tó wà níkọ̀rọ̀, ọjọ́ òjò nìkan là ń mọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí a fi ọdún tí owó wálẹ̀ díwọ̀n rẹ̀.

Ṣé mo lè lo ohun tí mo mọ̀ nípa kòkó Ìpínlẹ̀ Oǹdó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí?

Ẹ lè lò ó, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìpínlẹ̀ yìí wà lára àwọn tó ń pèsè kòkó jù lọ ní Nàìjíríà. Ohun tí ẹ ní láti ṣọ́ra fún ni pé kí ẹ̀rí náà bá oríkì yín mu. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ pé àjọ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1947, jẹ́ àpẹẹrẹ gbèdéke owó. Kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Àjọ yẹn nìkan ló ní ẹ̀tọ́ láti rà á, òun ló sì ń sọ iye tí yóò san. Nígbà tí ọjà àgbáyé dára, iye tó ń san máa ń kéré sí ti ọjà, ohun tó ṣẹ́kù a sì wà lọ́wọ́ ìjọba. Gbèdéke a máa gbé owó sókè fún àgbẹ̀, ṣùgbọ́n iye kan ṣoṣo tí olùrà kan ṣoṣo fi lélẹ̀ lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Bí ẹ bá lò ó bí ìkìlọ̀, ó wúlò púpọ̀: ìjọba tó bá ní agbára láti yan iye owó lè lo agbára yẹn lòdì sí àgbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú irú àjọ bẹ́ẹ̀ ká ní 1986, ọjà ló ń sọ iye tí àgbẹ̀ wa ń gbà, tí ó sì ń lọ sókè sódò pẹ̀lú ọjà àgbáyé. Bí ọjọ́ orí ẹ̀rí kan kò bá dá yín lójú, ẹ má kọ ọdún. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan.

Kí ló yẹ kó wà nínú ìgúnlẹ̀?

Ìdáhùn sí ìbéèrè gan-an, ohun tó gbé ìdáhùn náà ró, àti ohun tí yóò yí i padà. Kò gbọdọ̀ sí kókó tuntun níbẹ̀, kò sì yẹ kó jẹ́ àtúnsọ ohun tí ẹ ti kọ. Fún ìbéèrè wa, ẹ lè kọ pé: "Gbèdéke owó kò ní ṣe àgbẹ̀ kòkó Nàìjíríà lóore fúnra rẹ̀, nítorí pé olùrà lè yà sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Yóò ṣe wọ́n lóore bí ìjọba bá ya owó sọ́tọ̀ láti ra àṣẹ́kù ní ọdún tí owó bá wálẹ̀, tí ó sì ní ibi tó lè tọ́jú rẹ̀ sí kí ó má bàa bu."

"Ó ní ibi tó dára, ó sì ní ibi tó kù díẹ̀ káàtó" kì í ṣe ìgúnlẹ̀. Ẹni tó ń máàkì ti mọ èyí láti inú ọ̀rọ̀ "bóyá" tó wà nínú ìbéèrè.

Kí ni kí n ṣe bí àkókò bá ti fẹ́ tán tí n kò tíì dé ìgbéléwọ̀n?

Ẹ fi tíọ́rì sílẹ̀ níbi tó dé. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo tí tíọ́rì gbà, èyí tó lágbára jù, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní gbólóhùn mẹ́rin, kí ẹ sì kọ ìgúnlẹ̀ tí ẹ ti kọ sínú ètò yín. Ìdí mìíràn tí a fi ń kọ gbólóhùn yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ má kọ ìyókù ní ìtòsílẹ̀ kúkúrú kúkúrú àyàfi bí ìṣẹ́jú méjì péré ló kù, nítorí pé ìgbéléwọ̀n nílò "nítorí náà" àti "àyàfi bí", ìtòsílẹ̀ kì í sì í gba àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn.

Bí ìgbéléwọ̀n mi bá mú mi dé ibi tó ta ko gbólóhùn tí mo kọ sínú ètò ńkọ́?

Ẹ tẹ̀lé ìgbéléwọ̀n. Ètò yẹn wà láti darí yín, kì í ṣe láti dè yín mọ́lẹ̀. Ká ní ẹ kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé gbèdéke yóò ṣe àgbẹ̀ lóore, tí ìṣirò yín wá fi hàn pé 420 mílíọ̀nù ni yóò wọlé dípò 500. Ẹ yí ìgúnlẹ̀ padà. Ẹ kò ní láti pa tíọ́rì rẹ́, nítorí pé tíọ́rì náà tọ̀nà fún ọjà tí olùrà rẹ̀ kò ní ibòmíràn. Ohun tí ẹ ó sọ ni pé ọjà kòkó kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀ràn yàtọ̀ bí ohun tí ẹ rí bá jẹ́ àṣìṣe nínú tíọ́rì fúnra rẹ̀, bí àpẹẹrẹ, bí ẹ bá fa ìlà gbèdéke sí abẹ́ ojúkò ìpàdé. Ẹ fi ìlà kan gé àwòrán náà, kí ẹ tún un yà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì yẹ gbólóhùn tó tọ́ka sí i wò. Bí ẹ bá fi àwòrán àìtọ́ sílẹ̀ tí ẹ wá kọ ìgbéléwọ̀n tó tọ̀nà sí abẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń máàkì yóò rò pé ẹ há ìgbéléwọ̀n náà sórí ni, nítorí pé kò jáde láti inú ohun tí ẹ yà.